Wọ́n ní mo jẹ lóònù méjì tí mi ò yá: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 7:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, Èkìtì kete. Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń tajà, ọṣẹ àti ọjà inú agolo. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí báǹkì máíkírò kan láti yá ₦400,000 kí n fi kó ọjà ọdún. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ tẹ BVN mi, ó wo kọ̀ǹpútà títí, ó ní, "Mà, ẹ ní lóònù méjì nílẹ̀ tí ẹ ò tíì san." Ọ̀kan ₦85,000, èkejì ₦140,000. Mi ò yá owó lórí fóònù rí láyé mi. Báwo ni orúkọ mi ṣe débẹ̀, níbo ni kí n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Ajílóṣùn (8:05 àárọ̀)

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ wá sí kọ́ọ̀tù ní Adó lónìí, ẹ búra pé ẹ ò mọ nǹkan kan nípa lóònù méjèèjì, ẹ mú ìwé ìbúra náà lọ bá báǹkì tí ẹ̀ ń lò, wọ́n á pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ kó gbogbo owó yín kúrò ní àkáǹtì, kí ẹ gba BVN tuntun, kí ti àtijọ́ máa gbé gbèsè rẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Baṣírì sọ pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe.

Bọ̀dé_Ọ̀yẹ́ (8:31 àárọ̀)

Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá! Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé èmi ni mo dúró fún ọmọ yunifásítì kan tó yáwó, pé bí mi ò bá san wọ́n á gbé àwòrán mi káàkiri. Ẹni tí mo bá pàdé lẹ́ẹ̀kan ni ọmọ náà. Ṣé wọ́n ti jí BVN tèmi náà nìyẹn?

Akọ̀wé_Ìyìn (9:20 àárọ̀)

Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka lóònù kí n tó padà wálé sí Ìyìn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Bọ̀dé lóhùn ní ṣókí, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àbúrò, wọn ò jí nǹkan kan. Ọmọ yẹn jẹ́ kí áàpù wo gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀, tìrẹ sì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà rẹ nínú fóònù ẹlòmíràn kò sọ ọ́ di onídùúró. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ka irú ìdẹ́rùbà yìí léèwọ̀ fún àwọn ayánilówó orí fóònù. Ya àwòrán ojú fóònù rẹ kí o tó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí o fi í ránṣẹ́ sí wọn.

Ọmọ_Ajílóṣùn, ìwé ìbúra wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ṣíwájú. Mà ò tíì rí ohun tí wọ́n kọ sórí lóònù méjèèjì, kí ni wọ́n fẹ́ búra lé lórí? Báǹkì tí wọ́n ń lò náà ò lè pa gbèsè tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀ rẹ́. Ní ti BVN tuntun, kò sí irú ẹ̀. Ìka ọwọ́ àti ojú èèyàn ni wọ́n fi dè é. Ọ̀kan ṣoṣo lẹnì kan ń ní.

Mà, ohun tí ọmọbìnrin yẹn rí wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, àwa ará báǹkì máa ń pè wọ́n ní biúrò. Mẹ́ta ni wọ́n ní Nàìjíríà: CRC Credit Bureau, FirstCentral Credit Bureau àti CreditRegistry. Ayánilówó lè kọ orúkọ yín sí ọ̀kan kó má kọ ọ́ sí èkejì, nítorí náà ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ ti gba ìwé àkọsílẹ̀ yín. Òfin 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Orí ojú òpó wọn lẹ ti máa béèrè, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Bí ẹ ò bá ní ímeèlì, ọmọ yín gan-an ni kó bá yín ṣí i, kì í ṣe oní-káfè.

Tí ìwé náà bá dé, ẹ má jẹ́ kí iye owó gba ojú yín. Ẹ wá orúkọ ayánilówó, ọjọ́ tí lóònù bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ mọ́ orúkọ yín. Kí ẹ tún wo ipò tí wọ́n fi yín sí, bóyá ayáwó ni tàbí onídùúró. Nọ́ńbà tí ẹ ò ní rí, àdírẹ́ẹ̀sì ìlú tí ẹ ò gbé rí, ibẹ̀ ni olè ti máa ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè mi kan: láàárín ọdún méjì sẹ́yìn, ta lẹ fún ní NIN tàbí BVN yín? Ẹ rò ó dáadáa mà, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (12:15 ọ̀sán)

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo jókòó rò ó, mo sì rántí kiní kan. Lọ́dún tó kọjá àwọn ọmọkùnrin méjì wá sí ọjà, ọmọ àdúgbò wa ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní owó ìrànwọ́ ń bọ̀ fún àwọn ọlọ́jà. Wọ́n kọ NIN wa, ẹni tó bá mọ BVN rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n wá ń gbé fóònù sí wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mà, ẹ yí ojú sọ́tùn-ún. Ẹ yí i sósì. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀." Wọ́n fún wa ní ìyọ̀ oníke kan àti ọṣẹ kan, wọ́n ní ká máa retí. Títí dòní, a ò rí nǹkan. Àwa obìnrin 12 la tò síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé_Ìyìn (1:02 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ ti là, mà. Ẹni tó fẹ́ kọ orúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ìrànwọ́ lásán kì í ní kó ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ tó ń ṣí àkáǹtì orí fóònù ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, kó lè mọ̀ pé alààyè ló wà níwájú òun, pé kì í ṣe fọ́tò tí wọ́n gbé dání. Lásìkò tí ẹ ń ṣẹ́jú yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti máa fi ojú yín ṣí àkáǹtì kan tí nọ́ńbà fóònù tiwọn wà lórí rẹ̀. Àkáǹtì kékeré ò nílò ju NIN tàbí BVN lọ.

Ìdí nìyí tí ẹ ò fi gbọ́ nǹkan kan. Owó lóònù náà kò gba àkáǹtì tí ẹ mọ̀ kọjá. Ó lọ sínú èyí tí wọ́n ṣí, orúkọ yín ló wà lára rẹ̀, orúkọ yín ló sì wà lára ìwé ìyáwó. Ẹ̀rọ ayánilówó rí i pé orúkọ bá orúkọ mu, kò fura. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀, OTP àti ìpè láti béèrè gbèsè, fóònù tiwọn ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tó lágbára jù lọ tí ẹ máa bi ayánilówó nìyí: àkáǹtì wo lẹ san owó náà sí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa sunkún pé àwọn ò yáwó, ilé iṣẹ́ á sì máa dáhùn pé BVN yín ló wà níbí. Àríyànjiyàn yẹn kì í parí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ ibi tí owó dé, ẹ lè lọ bá báǹkì tó ni àkáǹtì náà, ẹ lè fi han ọlọ́pàá pé kò sí lábẹ́ ọwọ́ yín.

Tísà_Ìjerò (4:48 ìrọ̀lẹ́)

Tèmi ò gba ọ̀nà ọjà wọlé. Síìmù mi kan sọnù nígbà tí mo ṣì wà ní Ìlọrin, mi ò gbà á padà. Bí síìmù bá wà láìṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 180, wọ́n lè tì í. Bí ọjọ́ 180 mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ta tèmi, nọ́ńbà yẹn sì ṣì wà lórí BVN mi. Ẹni tó rà á ń gba kóòdù tó yẹ kó wá sọ́dọ̀ mi.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni pé mo tẹ `*565*0#` lórí síìmù tí mò ń lò báyìí láti wo BVN mi, wọ́n ní nọ́ńbà náà kò bá èyí tó wà lákọsílẹ̀ mu. Kí gbogbo èèyàn tẹ̀ ẹ́ lónìí. ₦20 ni wọ́n máa yọ. Bí BVN yín kò bá jáde, ẹ lọ sí báǹkì fúnra yín kí wọ́n fi nọ́ńbà tí ẹ̀ ń lò sí i.

Ọmọ_Ajílóṣùn (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Mo gbà nípa BVN, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Lóònù kékeré yẹn, ₦85,000 ni. Gbogbo lẹ́tà, ọkọ̀ àti ìdúró yìí á náni ní owó àti àkókò. Ṣé kò ní dáa kí Mà san díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n kúrò lọ́rùn wọn, kí wọ́n rí lóònù ọjà yá?

Lọ́yà_Òkèṣà (7:10 alẹ́)

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Kọ́bọ̀ kan tí Mà bá san, ẹni tó ń gba gbèsè lè gbé e kalẹ̀ pé wọ́n gbà pé àwọn jẹ ẹ́. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí wọ́n bá pè yín tí ẹ ní "ẹ fún mi ní àkókò" tàbí "mi ò ní owó lọ́wọ́ báyìí", ọ̀rọ̀ onígbèsè lẹ ti sọ yẹn, wọ́n sì ń gba ohùn sílẹ̀. Gbólóhùn kan ni kí ẹ máa sọ: "Mi ò yá owó yìí, ẹ kọ ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ ránṣẹ́ sí mi." Kí ẹ gbé fóònù kalẹ̀.

Ní ti ìwé ìbúra, mo fara mọ́ Akọ̀wé_Ìyìn. Kí ẹ dúró de ìwé láti biúrò kí ẹ tó wá. Ìbúra èké lọ́dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Kódà bó bá jẹ́ àìmọ̀ ló fà á, ẹ ò ní fẹ́ máa ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tí ẹ mọ̀ nìkan ni kí ẹ búra sí: ẹ ò ṣí àkáǹtì báyìí, nọ́ńbà báyìí kì í ṣe tiyín, ẹ gba ìwé àkọsílẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, ibẹ̀ lẹ ti kọ́kọ́ rí i.

Akọ̀wé_Ìyìn (8:25 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti lẹ́tà kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Ẹ má pe nọ́ńbà tó ń gba gbèsè. Àwọn tó ń dáhùn níbẹ̀, owó ni wọ́n rán wọn wá gbà. Ímeèlì ni kí ẹ kọ, sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn oníbàárà, kó lè ní ọjọ́ àti aago. Kí ọmọ yín tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá yín kọ ọ́. Kó sọ pé ẹ ò yá owó náà, kó wá béèrè nǹkan mélòó kan: ọjọ́ àti aago tí wọ́n béèrè lóònù, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi béèrè, àkáǹtì àti báǹkì tí wọ́n san owó sí, àti fọ́tò ojú tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti 2023 ló fún yín ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa yín, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà. Kí ẹ tún ní kí wọ́n dá gbígba gbèsè dúró títí wọ́n á fi wádìí tán.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì nítorí GSI. Láti 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti gbé ètò yẹn kalẹ̀. Ayánilówó tó bá wà nínú rẹ̀ lè yọ gbèsè láti àkáǹtì èyíkéyìí tó bá wà lábẹ́ BVN ẹni tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí kíkó owó láti báǹkì kan sí òmíràn kò fi ran èèyàn lọ́wọ́: BVN kan náà ló so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó ló wà nínú ètò náà o, ọ̀pọ̀ áàpù ò sí níbẹ̀.

Alábòójútó (9:00 alẹ́)

Mo ti yọ ìdáhùn kan kúrò lókè. Ẹni náà ní òun lè "fọ BVN mọ́" fún ₦25,000, kí ÌyáÌbejì fi NIN àti fọ́tò ránṣẹ́ sí òun. Kò sí ẹni tó ń fọ BVN. Ẹ má ṣe kọ nọ́ńbà BVN, NIN tàbí ti àkáǹtì yín síbí.

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́rú, ọ̀sẹ̀ kejì, 2:20 ọ̀sán)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìwé ti dé láti ọ̀dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ mi jókòó tì mí, ó ka á fún mi ní ìlà-ìlà.

Ti ₦85,000, áàpù ni. Ọjọ́ kẹrin tí àwọn ọmọ yẹn wá sí ọjà ni wọ́n yá a. Nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Àdírẹ́ẹ̀sì Ìbàdàn ni, èmi tí mi ò sun Ìbàdàn rí.

Ṣùgbọ́n ti ₦140,000, ìtìjú ni mo fi ń kọ ọ́. Báǹkì máíkírò ni, ọdún 2021 ni, wọ́n sì kọ ọ́ pé onídùúró ni mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní ẹ̀gbẹ́ mi fẹ́ yáwó, ó ní kí n bá òun tọwọ́ bọ̀wé. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó kó lọ sí Àbújá lẹ́yìn ọdún kan, mo rò pé ó ti san án tán. Ká ní mo ti sáré lọ búra ní ọjọ́ Ajé yẹn pé mi ò mọ̀ nípa méjèèjì, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Akọ̀wé_Ìyìn (3:05 ọ̀sán)

Kò sí ìtìjú níbẹ̀, mà. Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ onídùúró yìí wọ inú lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí áàpù, torí wọ́n á fi í sọ pé ẹ ti ní gbèsè nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ sì ń parọ́.

Lọ́yà_Òkèṣà (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Fún ti 2021, ẹ lọ bá báǹkì máíkírò náà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ẹ̀dà ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀ àti sítétìmẹ́ǹtì lóònù náà. Ẹ wo iye tí wọ́n kọ pé ẹ dúró fún, kí ẹ wo bóyá wọ́n ti fi èlé kún un lẹ́yìn ìgbà tí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bóyá wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé obìnrin náà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọ̀rọ̀ inú ìwé ló máa sọ. Mi ò lè dájọ́ rẹ̀ láìrí i.

Ọmọ_Ajílóṣùn (6:12 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, mo fara mọ́ yín báyìí. Ṣùgbọ́n ṣé ká máa bo àṣírí ọmọ àdúgbò tó ṣe iṣẹ́ yìí ni? A mọ ilé rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (6:50 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ ti ń ra ọṣẹ láwìn. Bàbá rẹ̀ ti rán àgbà kan sí mi lálẹ́ àná, wọ́n ní ká parí rẹ̀ nílé, pé àwọn á san ₦85,000 náà.

Lọ́yà_Òkèṣà (7:33 alẹ́)

Mà, ẹ lè gba àgbà láyè, èmi náà ọmọ Èkìtì ni. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá san owó yẹn fún áàpù, àkọsílẹ̀ á wí pé ẹ̀yin lẹ yá a, ẹ pẹ́ kí ẹ tó san. Àkáǹtì tí wọ́n fi orúkọ yín ṣí á sì wà níbẹ̀ fún lóònù mìíràn. Ẹ ò ní láti dárúkọ ọmọ náà bí olè ní tẹ́ṣàn. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: àwọn méjì wá, wọ́n ya fọ́tò, ọjọ́ kẹrin ni lóònù bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n fún yín ní ìwé. Jíjí ìdánimọ̀ ẹlòmíràn lò, òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Láìsí ìwé ọlọ́pàá yẹn, báǹkì tó ni àkáǹtì náà lè má dá yín lóhùn.

Tísà_Ìjerò (8:01 alẹ́)

Èmi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ní àdúgbò tiwa, ẹni tó lọ sí tẹ́ṣàn lórí ọmọ aládùúgbò, ọjà rẹ̀ á kú. Kí Mà rò ó dáadáa.

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹrin, 10:15 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo lọ sí tẹ́ṣàn. Mo sọ ohun tí mo rí, mi ò fi kún un. Mo gba ìwé, mo lọ búra ní Adó lórí ti áàpù nìkan.

Áàpù dáhùn lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n fi fọ́tò tí wọ́n fi yá owó ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni lóòótọ́. Gèlè búlúù mi ló wà lórí mi, agbòòrùn yẹ́lò obìnrin tó ń ta ata sì wà lẹ́yìn mi, pẹ̀lú àwo ata ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìsọ̀ mi ni wọ́n ti yá mi lówó! Wọ́n sọ àkáǹtì tí wọ́n san owó sí, orí fóònù ni wọ́n ṣí i, ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn wá gan-an.

Wọ́n wá ní àwọn ti rí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ jìbìtì, pé àwọn á kọ ọ́ sí biúrò pé lóònù náà ti "parí". Ṣé kí n gbà?

Akọ̀wé_Ìyìn (10:58 àárọ̀)

Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rí "parí" níwájú gbèsè tó ti bàjẹ́, ó máa kà á pé ẹ jẹ ẹ́, ẹ fi ojú pamọ́, ẹ wá san án nígbà tó yá. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ orúkọ yín pátápátá, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà pé ẹ̀yin kọ́ lẹ yá a. Biúrò fúnra rẹ̀ kì í sábà pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ayánilówó sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí kí wọ́n lè máa bi í léèrè. Bí áàpù bá ṣorí kunkun, FCCPC lẹ máa kọ̀wé sí. Ká ní báǹkì ni, ẹ̀ bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹ̀ka ààbò oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀, cpd@cbn.gov.ng.

Fọ́tò yẹn, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde. Agbòòrùn ata yẹn ni ẹ̀rí yín tó dára jù. Ẹ mú un pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá lọ sí ilé iṣẹ́ tó ni àkáǹtì náà, kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì kọ ọ́ fún yín pé àwọn ti tì í. Títi áàpù lẹ́nu láìti àkáǹtì, olè ṣì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

ÌyáÌbejì_Ìkẹ́rẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kẹfà, 6:30 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n ti ti àkáǹtì náà, ₦310 ló kù nínú rẹ̀. Lẹ́tà áàpù dé, wọ́n kọ ọ́ pé èmi kọ́ ni mo yá a. CRC àti FirstCentral ti yọ ọ́, ó ṣì wà ní CreditRegistry, mo ti fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí wọn. Ti 2021, ₦61,000 ló kù gan-an, èlé ló gbé e dé ₦140,000. Obìnrin náà gbé fóònù mi lẹ́ẹ̀kan, kò gbé e mọ́. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Bàbá ọmọ náà kì í kí mi mọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kí mi.

Mo mú fọ́tò yẹn lọ fi han àwọn obìnrin 11 yòókù. Ẹni mẹ́fà ti gba ìwé àkọsílẹ̀ tiwọn. Mẹ́rin nínú wọn rí lóònù tí wọn ò mọ̀, ọ̀kan tó ń ta ata yẹn rí mẹ́ta. Kò mọ̀wé, kò sì ní ọmọ nílé. Akọ̀wé_Ìyìn, ṣé ẹ lè wá sí Ìkẹ́rẹ́ ní Sátidé, kí ẹ bá wa jókòó nínú ìsọ̀ mi?

Akọ̀wé_Ìyìn (7:04 alẹ́)

Aago 10 àárọ̀, mà. Kí kálukú mú NIN slip rẹ̀ wá àti fóònù tí nọ́ńbà BVN rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi ránṣẹ́ sí mi ṣáájú.